Ẹ má ka àpótí nìkan, ẹ ka okùn tó so wọ́n pọ̀

Bí wọ́n bá gbé àwòrán dátábéèsì síwájú ọ̀pọ̀ nínú wa ní Òkè-Baálẹ̀ níbí, ohun tí a máa ń ṣe kò ju ọ̀kan lọ. A ó bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè lápá òsì, a ó kọ orúkọ àpótí kọ̀ọ̀kan, a ó da àwọn òpó inú rẹ̀ kọ, ó parí. Iye tébù á pé, orúkọ á pé. Èrò tiwa ni pé ẹni tó ṣe báyìí kò tíì ka àwòrán náà, ó kàn dà á kọ ni. Inú àwọn ìlà tó so àpótí pọ̀, tí a ó máa pè ní okùn níhìn-ín, àti inú àwọn kọ́kọ́rọ́ ni àṣìṣe máa ń fara pamọ́ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ló sì máa ń jìyà rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tó wà nítòsí wa ṣe àpẹẹrẹ. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, kò sí lójú kan. Olú-ilé rẹ̀ wà ní Òṣogbo, ẹ̀kọ́ òfin wà ní Ìfẹ́tẹ̀dó, iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Èjìgbò, àwọn kámpọ́ọ̀sì mìíràn sì wà ní Ìkirè, Òkukù àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Dátábéèsì irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀ka tó wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Àwòrán tí a fẹ́ kà yìí kì í ṣe ti pọ́tà ilé-ìwé kankan o, àwa la yà á fún àlàyé. Àpótí márùn-ún ló wà níbẹ̀, a sì to gbogbo rẹ̀ báyìí:

```
CAMPUS        PK campus_id
DEPARTMENT    PK dept_id      FK campus_id -> CAMPUS
STUDENT       PK matric_no    FK dept_id -> DEPARTMENT
COURSE        PK course_code  FK dept_id -> DEPARTMENT
REGISTRATION  PK matric_no + course_code
              FK matric_no -> STUDENT
              FK course_code -> COURSE
```

Òpó tí wọ́n kọ PK sí ni kọ́kọ́rọ́ onílé: kò gbọdọ̀ ṣófo, ìlà méjì nínú tébù kan náà kò sì gbọdọ̀ ní iye kan náà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ FK sí ni kọ́kọ́rọ́ àlejò: kọ́kọ́rọ́ onílé tébù mìíràn ni, ó kàn wá dé sí ilé ẹlòmíràn ni. Nígbà tí ẹ bá to wọ́n tán, ẹ ka àwọn kọ́kọ́rọ́ àlejò, kí ẹ sì ka okùn. Nínú àwòrán tiwa, àlejò jẹ́ márùn-ún, okùn náà jẹ́ márùn-ún. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, ohun kan ti fo ojú yín, tàbí kí ẹni tó ya á ti gbàgbé nǹkan. (Bí òpó méjì bá para pọ̀ di àlejò kan ṣoṣo, ọ̀kan ni kí ẹ kà á sí.)

Ó wá kan orí okùn. Àmì mẹ́ta ló máa ń wà níbẹ̀: igi kékeré tó dábùú okùn túmọ̀ sí ọ̀kan, òbìrípo túmọ̀ sí òdo, ẹsẹ̀ kannakánná tó ya sí mẹ́ta túmọ̀ sí púpọ̀. Àmì tó sún mọ́ àpótí jù lọ ń sọ iye tó pọ̀ jù tó lè wà, èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ iye tó kéré jù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń ka àmì náà mọ́ àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ti àpótí yẹn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ kannakánná tó wà lẹ́bàá DEPARTMENT ń dáhùn ìbéèrè tí CAMPUS ń bi: ẹ̀ka mélòó ni kámpọ́ọ̀sì kan lè ní? Nítorí náà, gbólóhùn méjì ni okùn kan ń bí: kámpọ́ọ̀sì kan lè ní ẹ̀ka púpọ̀, ẹ̀ka kan wà ní kámpọ́ọ̀sì kan ṣoṣo.

Orí fóònù ni àwòrán yìí ti sábà máa ń dé ọwọ́ wa, Wásáàpù á sì ti fún un pọ̀ débi pé òbìrípo àti igi kò ṣeé dá mọ̀. Kí lẹ máa ṣe? Ẹ wo ilé tí àlejò dé sí. Ọ̀dọ̀ púpọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àlejò máa ń gbé. Bí `campus_id` bá wà nínú DEPARTMENT, a jẹ́ pé ẹ̀ka ni púpọ̀, bí ẹsẹ̀ kannakánná tilẹ̀ ti parẹ́. Bí ẹnì kan bá gbé `dept_id` sínú CAMPUS dípò rẹ̀, ẹ̀ka kan ṣoṣo ni ìlà kámpọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan máa lè gbà. Àmọ́ ohun kan wà tí òpó kò lè sọ fún wa: ṣé kámpọ́ọ̀sì lè wà láìní ẹ̀ka kankan? Òbìrípo nìkan ló mọ ìyẹn. Bí kò bá hàn, ẹ bi ẹni tó ya á, ẹ má fi orí ara yín dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé REGISTRATION, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ṣe kọ́ọ̀sì púpọ̀, kọ́ọ̀sì kan sì ní akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀. Tébù méjì kò lè gbé púpọ̀ sí púpọ̀ fúnra wọn, ìdí nìyí tí ẹ̀kẹta fi wà láàárín wọn, tí òpó méjèèjì sì para pọ̀ di kọ́kọ́rọ́ onílé rẹ̀. Ó dára lójú. Ẹ wá kà á sókè: "Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè fi orúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." Káríófà ńkọ́?

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan gba 32 nínú CSC 201 ní sáà 2022/2023. Ní 2023/2024 ó padà wá fi orúkọ sílẹ̀. Dátábéèsì á ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ ti wà, MySQL á sì kọ `Duplicate entry` síbẹ̀. Ẹni tó ń kọ pọ́tà á fẹ́ gbà á sílẹ̀, á wá ní kí máàkì tuntun bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Látìgbà náà, 32 ti pòórá. Àkọsílẹ̀ kò ní lè sọ mọ́ pé ó ṣe kọ́ọ̀sì náà lẹ́ẹ̀mejì, bí ìṣirò àpapọ̀ máàkì bá sì nílò ti àkọ́kọ́, kò sí ibi tí wọ́n ti máa rí i. Òpó kan péré ló máa tún un ṣe:

```sql
PRIMARY KEY (matric_no, course_code, session_year)
```

Ní báyìí, gbólóhùn náà di: lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó da àpótí kọ kò ní rí àṣìṣe yìí láé, nítorí kò sí òpó kankan tí wọ́n kọ sódì. Ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ di gbólóhùn ló máa rí i, kí ẹnikẹ́ni tó kọ kóòdù kankan.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀ àwọn olùkọ́ wa ni pé kí wọ́n pín máàkì irú ìbéèrè yìí sí méjì: ìdajì fún títo tébù àti kọ́kọ́rọ́, ìdajì fún gbólóhùn méjì lórí okùn kọ̀ọ̀kan àti gbólóhùn kan lórí kọ́kọ́rọ́ onílé kọ̀ọ̀kan. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà kò gbọdọ̀ dúró de máàkì kí a tó ṣe é. Bí gbólóhùn kan bá dún bí irọ́ létí ẹni tó mọ bí ilé-ìwé ṣe ń lọ, àwòrán náà ló ní àlébù, ẹ dá a padà kí wọ́n tún un yà.