Kúẹ́rì Kì í Ṣe Ìwádìí

Bí ohun kan bá sọnù ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wa, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá máa ń ṣe ni kí ó fún ẹnì kan ní kúẹ́rì. Ìwé náà kì í gùn. Yóò ní kí òṣìṣẹ́ náà ṣàlàyé láàárín wákàtí 24 ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́ lórí ohun tí ó ṣe. Ẹ tún gbólóhùn yẹn wò: “ohun tí ó ṣe”. Kò tíì sí ẹni tí ó wádìí bóyá ó ṣe é, síbẹ̀ ìwé ti dá a lẹ́bi. Ìjìyà nìkan ni ó kù tí wọ́n fẹ́ bá a jíròrò. Bí ìgbìmọ̀ olùwádìí bá wá jókòó lọ́sẹ̀ kejì, iṣẹ́ wọn ti parí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kì í ṣe inú yàrá tí a ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ẹlẹ́rìí lẹ́nu wò ni ìwádìí ti ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Inú ìwé tí ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ni, ìyẹn ìwé tí ó sọ ohun tí wọn yóò wádìí, ibi tí agbára wọn dé, àti ọjọ́ tí wọn yóò jábọ̀. Bí ìbéèrè inú ìwé náà bá wọ́, ìdáhùn kò lè tọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Orí ni mo fi ro ó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ̀rọ amúnáwá ti ń dún láti àárọ̀ di alẹ́ yóò mọ̀ pé irú rẹ̀ kò wọ́n. Táńkì dísù ilé-iṣẹ́ kan ṣófo ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdu. Wọ́n ra 1,000 lítà láàárín oṣù, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ sì gbé e wá, 500 lítà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Aago ara ẹ̀rọ fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 95. Gbogbo wọn gbà pé lítà 8 ni ó ń jó ní wákàtí kan, nítorí náà 760 lítà ni ó yẹ kí ó ti lò. Lítà 40 ni wọ́n bá nínú táńkì nígbà tí oṣù parí. Lítà 200 di àwátì. Ọwọ́ sítọ̀kípà ni kọ́kọ́rọ́ wà, ni ojú bá yí sí i.

Ìwé tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ sí ìgbìmọ̀ ni pé kí wọ́n wádìí bí sítọ̀kípà ṣe jí 200 lítà dísù, kí wọ́n sì dábàá ìjìyà tí ó tọ́ sí i. Gbólóhùn kan ṣoṣo nìyẹn, àmọ́ ó ti gbà pé olè jà, ó ti gbà pé 200 lítà ni ó sọnù, ó ti gbà pé sítọ̀kípà ni olè, ó sì ti fi iṣẹ́ adájọ́ kún iṣẹ́ olùwádìí. Ìwé tí ó dára yóò béèrè iye dísù tí ó wọlé láàárín ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 30 oṣù Òkúdu, iye tí ẹ̀rọ lò, bóyá àlàfo wà láàárín méjèèjì, àwọn wo ni ó lè dé ibi táńkì, àti bóyá sítọ̀kípà tẹ̀lé ìlànà ilé-iṣẹ́ nígbà tí ó ń gba dísù wọlé. Yóò tún sọ ọ́ ketekete pé ìgbìmọ̀ kò ní dábàá ìjìyà. Bí wọ́n bá sì kan ọ̀rọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà, kí wọ́n padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó rán wọn níṣẹ́, kí a tún ìwé kọ, kí a sì sọ ọ́ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Kò bójú mu kí a pe ènìyàn fún ọ̀rọ̀ dísù, kí ó wá bá ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ nínú àbọ̀ ìwádìí.

Àwọn tí yóò jókòó ṣe pàtàkì bákan náà. Ọ̀gá tí ó ń ra dísù kò lè ṣe alága, bí ó ti wù kí ó jẹ́ olóòótọ́ tó, nítorí ìwé tirẹ̀ wà lára ohun tí a ó yẹ̀ wò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí lásán ni èyí. Nígbà tí Yunifásítì Màídúgùri lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 1983, igbákejì gíwá ni alága ìgbìmọ̀ olùwádìí, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí rògbòdìyàn náà fara kàn. Ní ọdún 1986, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní orílẹ̀-èdè yìí fagi lé lílé tí wọ́n lé wọn, ọ̀rọ̀ alága yẹn sì wà lára ìdí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọn, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn agbẹjọ́rò kò yé tọ́ka sí ẹjọ́ náà títí di òní bí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́jọ́ bá délẹ̀.

Ó wá kan bíbi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè. Gbogbo wa ni ó mọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ rò pé bí àwọn bá ti pe sítọ̀kípà wọlé, tí ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn ti gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bí ènìyàn kò bá mọ ohun tí a kó jọ lòdì sí i, kí ni yóò fèsì sí? Ìwé ni a ń kọ́kọ́ kà: ìwé ọjà, ìwé ẹnu géètì, àkọsílẹ̀ aago ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni a ó pe akọ̀wé owó, ẹni tí ó ń tan ẹ̀rọ, àti ọlọ́dẹ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan má bàa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kejì. Sítọ̀kípà ni a ó pè gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ó bá ti rí ẹ̀sùn àti àwọn ìwé wọ̀nyí ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Kí a sì gbà kí ó mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dání. (Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú Ọba, ẹ kíyè sí i pé ìpàdé tí a ti ń gbọ́ ẹjọ́ ìbáwí ni òfin ti fún yín ní ẹ̀tọ́ yìí, kò dé ìpàdé ìwádìí, àfi bí ìlànà ilé-iṣẹ́ yín bá fi kún un.)

Ohun kan wà tí àwọn ìwé tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí kì í sọ, torí kì í ṣe àárín wa ni wọ́n ti kọ wọ́n. Yorùbá ni a fi ń bi sítọ̀kípà ní ìbéèrè, Yorùbá ni ó fi ń dáhùn, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ń kọ sílẹ̀. Bàbá náà ní, “Ó lè jẹ́ pé mi ò wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ yẹn.” Kí ó tó dé orí ìwé, ó ti di pé ó jẹ́wọ́ pé òun kò wọ̀n ọ́n. Ó buwọ́ lù ú nítorí kò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé òun ń bá àwọn ọ̀gá jiyàn. Bí a bá fẹ́ òdodo, kí a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè tí ó fi sọ ọ́, kí a kà á sí i létí, kí ó tún ibi tí kò bá tọ́ ṣe, kí ó tó fọwọ́ sí i.

Ẹ wo ohun tí irú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bẹ́ẹ̀ lè mú jáde. Sítọ̀kípà ní alẹ́ ni ọkọ̀ kejì dé, pé ọ̀gá tí ó ń ra dísù ní kí òun buwọ́ lu ìwé kí ọkọ̀ lè tètè máa lọ, òun kò sì fi ọ̀pá ìwọ̀n yẹ táńkì wò. Ìwé ẹnu géètì fi hàn pé ìṣẹ́jú 15 ni ọkọ̀ náà lò nínú ọgbà, bẹ́ẹ̀ sì ni ti àkọ́kọ́ lo ìṣẹ́jú 40. Ọlọ́dẹ ní kò sí àgádágodo lẹ́nu ẹ̀rọ omi ìsàlẹ̀ táńkì, ẹnikẹ́ni ni ó lè ṣí i. Ẹni tí ó ń tan ẹ̀rọ ní láti ìgbà tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ amúlétutù méjì kún ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ ń jó dísù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ìgbìmọ̀ tí ó mọṣẹ́ kò ní fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọn yóò wọn dísù sínú táńkì, wọn yóò tan ẹ̀rọ fún wákàtí 5 pẹ̀lú gbogbo ẹrù tí ó ń gbé lójoojúmọ́, wọn yóò sì tún un wọ̀n. Ká ní lítà 46 ni ó lọ, a jẹ́ pé lítà 9.2 ni ó ń jó ní wákàtí kan. Fún wákàtí 95, ó di 874 lítà. Bí a bá fi lítà 40 tí ó kù kún un, lítà 86 péré ni a kò rí àlàyé fún nínú 1,000. Ẹ̀sùn 200 lítà tí wọ́n fẹ́ fi lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ti dín ju ìdajì lọ, ìdánwò wákàtí márùn-ún ni ó sì dín in kù.

Báwo ni a ó ṣe wá pinnu lórí lítà 86? Òṣùwọ̀n ẹ̀rí ibiṣẹ́ kì í ṣe ti ilé ẹjọ́ ọ̀daràn, níbi tí iyèméjì tí ó mọ́gbọ́n dání ti tó láti dá ènìyàn sílẹ̀. Ohun tí a ń béèrè ni bóyá ó dájú kí ó ṣẹlẹ̀ ju kí ó má ṣẹlẹ̀ lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ka ọ̀nà mẹ́ta tí dísù lè gbà lọ: olùtajà lè má gbé e pé, àjèjì lè fà á níbi ẹ̀rọ omi, sítọ̀kípà lè jí i. Wọ́n á ní ẹ̀kẹta ni ó súnmọ́ jù, wọ́n á sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí a bá fún ẹ̀kẹta ní ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún, tí méjì yòókù sì gba 30-30, ìpín 60 ni ó wà lọ́dọ̀ pé kì í ṣe òun. Ẹni tí ó súnmọ́ jù nínú mẹ́ta kò tíì borí ìdajì.

Nítorí náà, ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan ni àbọ̀ ìwádìí gbọ́dọ̀ dáhùn lọ́tọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí tí ó gbé e ró àti èyí tí ó ta kò ó. Àlàfo wà, lítà 86 ni: ó fìdí múlẹ̀. Sítọ̀kípà buwọ́ lu ìwé láìwọn dísù: ó fìdí múlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò jiyàn. Sítọ̀kípà ni ó jí i: kò fìdí múlẹ̀. Bóyá olùtajà gbé ọkọ̀ kejì wá láìpé: ó yẹ ní wíwádìí síwájú sí i, nítorí ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú 15 sí 40 ń fura síni, kò sì tó láti fi dájọ́.

Agbanisíṣẹ́ lè bi mí pé ṣé kí òun máa wo olè níran ni. Rárá o. Ní ọdún 1996, nínú ẹjọ́ òṣìṣẹ́ báńkì kan, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé kò di dandan kí ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ dá òṣìṣẹ́ lẹ́bi ọ̀daràn kí agbanisíṣẹ́ tó lé e fún ìwà àbòsí tí ó wúwo, bí ó bá ti fún un láyè láti wí tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí yóò kọ sínú ìwé ìléniṣẹ́. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé bí ìwà ọ̀daràn bá jẹ́ kókó ẹjọ́ ní kóòtù, kódà nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá iyèméjì. Ẹni tí ó kọ “olè” sínú ìwé lè di ẹni tí yóò wá gbé ẹrù yẹn níwájú adájọ́. Ẹni tí ó kọ “kò wọn dísù gẹ́gẹ́ bí ìlànà” ní ohun tí ó lè fi hàn.

Ilé-iṣẹ́ tí kò ní ju òṣìṣẹ́ 12 lọ kò nílò ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún. Ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ọjọ́ mẹ́ta, àti àbọ̀ olójú-ìwé mẹ́rin ti tó fún ọ̀rọ̀ dísù yìí. Ẹlòmíràn ni yóò ka àbọ̀ náà tí yóò sì yan ìbáwí. Bí èmi bá ni, ìwé ìkìlọ̀ ni màá fún sítọ̀kípà. Ọ̀gá tí ó ní kí ó buwọ́ lù ú láìwọ̀n ọ́n yóò sì gba tirẹ̀. A ó ra àgádágodo sí ẹnu ẹ̀rọ omi yẹn kí ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ tó dé.