Ẹ Má Tíì Dáwó Ampilifáyà: Ta Ni Yóò Tú Ẹrù Ohùn?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí kì í ṣe ti ìbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti aṣọ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ohùn ni. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń ráhùn pé sípíkà ẹ̀yìn tó wà ní yàrá ìpàdé wa ti kú, pé nígbà tí a bá sì gbé fíìmù lọ sí gbọ̀ngàn, a kì í gbọ́ ohun tí àwọn òṣèré ń sọ. Nítorí náà, wọ́n ní kí olúkúlùkù dáwó kí a lè ra ampilifáyà tuntun. Èrò tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni má tíì tọwọ́ bọ àpò. Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣí, kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ kí ó kọ́kọ́ wò kí ó tó wó ògiri.

Bí ẹ bá ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ohùn lára ẹ̀rọ DVD tàbí ẹ̀rọ eré PlayStation, ẹ ó máa bá orúkọ bíi Stereo, Bitstream àti Linear PCM pàdé. Àwọn ẹ̀rọ DVD olówó pọ́ọ́kú mìíràn a máa kọ RAW dípò Bitstream. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé Bitstream ni ọba láàárín wọn, bóyá nítorí pé orúkọ rẹ̀ le lẹ́nu. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọba nínú wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi wá: ta ni yóò tú ẹrù?

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ohùn tó wà nínú àwo DVD sábà máa ń jẹ́ ẹrù tí wọ́n dì pinpin kí ó má baà gba àyè púpọ̀. Dolby àti DTS ni orúkọ ìdì tí ẹ ó máa rí lẹ́yìn páálí fíìmù. Nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ohùn mẹ́fà lè wà: ti iwájú lọ́wọ́ òsì, ti iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, ti àárín, ti ẹ̀yìn méjì, àti ti sípíkà ńlá tó ń dún kìì-kìì. Òun ni wọ́n ń pè ní 5.1. Bí ẹ bá yan Bitstream, ẹ̀rọ tó ń ka àwo kò ní tú ẹrù náà. Bó ṣe wà ní dídì ni yóò gbé e fún ampilifáyà, kí ìyẹn tú u fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá yan Linear PCM, ẹ̀rọ tó ń ka àwo ni yóò tú ẹrù kí ó tó fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá sì yan Stereo, yóò tú u, yóò wá kó gbogbo ohùn pọ̀ sínú méjì péré, òsì àti ọ̀tún.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo gbọ̀ngàn. Sípíkà gbàgbà méjì la máa ń lò níbẹ̀. Ẹ̀rọ DVD tó ní ihò ohùn mẹ́fà lẹ́yìn ni a ń lò, a sì ń fi wáyà pupa àti funfun so méjì nínú wọn mọ́ ampilifáyà. Bí ètò ẹ̀rọ yẹn bá wà lórí 5.1, ohùn àárín yóò gba ihò tirẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ẹni tó so nǹkan kan mọ́ ibẹ̀. Ohùn àárín yìí ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré. Ohun tí ẹ ó máa gbọ́ ni orin, òjò àti ìró ìbọn, ẹnu òṣèré á sì máa ṣí á máa pa dé bí ẹnu ẹja inú agbada omi. Àwọn èèyàn á kígbe pé kí a yí ohùn sókè, orin á wá fẹ́ di wá létí, ọ̀rọ̀ ò sì ní yé ẹnikẹ́ni síbẹ̀.

Ṣé ampilifáyà ló bàjẹ́? Rárá o. Ẹ yí ètò náà sí Stereo, ohùn àárín yóò pín sí sípíkà méjèèjì, ọ̀rọ̀ yóò sì jáde ketekete. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá sípíkà ló ní àrùn lóòótọ́, ẹ pa iná, ẹ yọ wáyà sípíkà òsì sí ti ọ̀tún, kí ẹ sì fi ti ọ̀tún sí ti òsì. Bí ìdákẹ́ bá ṣí lọ sí apá kejì, a jẹ́ pé sípíkà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí ó bá dúró sójú kan náà, ẹ lè wá pe oníṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú yàrá ìpàdé, níbi tí wọ́n ti ní sípíkà ẹ̀yìn kú. PlayStation 4 irú ti àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 2013, ni a fi ń wo àwo níbẹ̀. Ampilifáyà tó wà níbẹ̀ ní sípíkà márùn-ún àti ńlá kan, ṣùgbọ́n kò ní ihò HDMI. Wáyà ọ́pítíkà, èyí tí ìmọ́lẹ̀ pupa ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀. Ẹnì kan sì ti yan Linear PCM, bóyá nítorí pé ó gbọ́ pé ohùn tí a kò dì ló dára jù.

Ẹ fara balẹ̀ bá mi ṣe ìṣirò díẹ̀. Ohùn PCM inú fíìmù sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n wọ̀n ní ìgbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì gba bíìtì 16. Fún ohùn méjì:

```
48000 x 16 x 2 = 1536000
48000 x 16 x 6 = 4608000
```

Ìlà kejì ni ti ohùn mẹ́fà. Ọ̀nà méjì péré ni ìlànà wáyà ọ́pítíkà ilé là sílẹ̀ fún ohùn PCM. Nítorí náà, nígbà tí a bá yan Linear PCM lórí wáyà yìí, ẹ̀rọ yóò kó ohùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú méjì kí ó tó rán wọn. Ẹrù Dolby orí DVD ní tirẹ̀ kì í ju bíìtì 448,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ohùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó gba inú wáyà náà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ ò rí i pé sípíkà ẹ̀yìn kò kú? A kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí i ni.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe nìyí. Ẹ wọ `Settings`, kí ẹ lọ sí `Sound and Screen`, lẹ́yìn náà `Audio Output Settings`. Ní `Primary Output Port`, ẹ yan `DIGITAL OUT (OPTICAL)`, kí ẹ sì máàkì kìkì irú ìdì tí orúkọ rẹ̀ wà lójú ampilifáyà yín. Bí Dolby Digital bá wà níbẹ̀, ẹ padà sí `Audio Format (Priority)`, kí ẹ yan `Bitstream (Dolby)`. Kí ẹ wá fi àwo tó ní ohùn 5.1 sí i, kí ẹ sì wo ojú ampilifáyà. Bí ó bá kọ DOLBY DIGITAL, ẹrù ti dé ní dídì, òun ló sì ń tú u. Bí ó bá ṣì kọ PCM, ohùn méjì lẹ ṣì ń gbọ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé etí nìkan, nítorí àwọn ampilifáyà kan a máa fi ọgbọ́n fa ohùn ẹ̀yìn yọ láti inú ohùn méjì.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sáré lọ fi Bitstream sí ibi gbogbo. Bí ampilifáyà tàbí tẹlifíṣọ̀n tí ẹ gbé ẹrù fún kò bá mọ̀ ọ́n tú, ó lè dákẹ́ lọ gbári, tàbí kí ó máa hó ṣááá bí epo gbígbóná. Bákan náà ni àpótí kékeré tí wọ́n ń tà láti fi so wáyà ọ́pítíkà mọ́ wáyà pupa àti funfun: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ju PCM lọ. Nítorí náà, ẹ yí ohùn sílẹ̀ pátápátá kí ẹ tó yí ètò, kí ariwo má baà fọ́ sípíkà.

Bí ó bá sì jẹ́ wáyà HDMI ló so ẹ̀rọ eré mọ́ ampilifáyà, ọ̀rọ̀ yí padà. HDMI lè gbé ohùn PCM mẹ́jọ. Ẹ̀rọ eré ló ń dá ohùn eré sílẹ̀ bí ẹ ti ń ta á. Bí ẹ bá ní kí ó kọ́kọ́ dì í kí ampilifáyà tún wá tú u, ohùn á fi ìdúró díẹ̀ tẹ̀lé ìgbá bọ́ọ̀lù tí ẹ gbá. Linear PCM ni kí ẹ lò níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, etí méjì lẹ ní, ohùn méjì ló sì ń wọ inú wáyà yín. Bí ẹ bá kì í bọ ara páàdì PlayStation 4, ètò Bitstream tí ẹ yàn fún ampilifáyà kò kàn án rárá. Bí ó bá jẹ́ pé ohùn àwọn tí ẹ jọ ń ta eré nìkan lẹ ń gbọ́, ẹ wá `Output to Headphones`, kí ẹ yan `All Audio`. Bí ara tẹlifíṣọ̀n lẹ bá kì í bọ̀, tí kò sì dún, ẹ yí ẹ̀rọ tó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí Linear PCM kí ẹ tó ní hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé ampilifáyà tuntun tó ní HDMI á sàn jù. Ó lè sàn jù lóòótọ́ fún ẹni tó ń ta eré. Bí kò bá sì sí orúkọ Dolby tàbí DTS kankan lójú èyí tí a ní, kò sí ètò tó lè mú un tú irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ owó dídá di ọ̀rọ̀ tó ṣeé jókòó sọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé fíìmù Yorùbá orí VCD tí a ń kó wá láti ilé, ohùn méjì ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀. Kò sí Bitstream, kò sí ampilifáyà, tí yóò tú ohùn mẹ́fà láti inú ẹrù tí méjì péré wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, mo dábàá pé kí ìgbìmọ̀ fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo yẹ ètò yàrá ìpàdé àti ti gbọ̀ngàn wò, kí wọ́n sì lẹ ìwé pélébé mọ́ ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan: gbọ̀ngàn, Stereo, yàrá ìpàdé, Bitstream (Dolby). Bí sípíkà bá ṣì dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, èmi gan-an ni n óò kọ́kọ́ san owó tèmi. Ire o.