Òdo Kọ́ ni Máàkì Ọmọ Tí Kò Ṣe Ìdánwò

Lópin táàmù, àwa tí a wà lẹ́nu ìdánrawò ìkọ́ni ni wọ́n sábà máa ń gbé ìwé èsì lé lọ́wọ́, torí wọ́n ní àwa la mọ kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ wa la sì ti mọ ọ̀nà rẹ̀. A ó kó máàkì kíláàsì sí Excel, ọmọ kan lórí ìlà kan. A ó ya ojú ìwé èsì kan ṣoṣo sínú Word, a ó lọ sí `Mailings`, a ó fi `Select Recipients` mú fáìlì Excel náà, a ó sì fi `Insert Merge Field` gbé orúkọ àti máàkì sí àyè wọn. Ọmọ méjìlélógójì, ìwé èsì méjìlélógójì. Èmi kì í ṣe ara àwọn tó ní ká padà sí bírò. Ohun tí mo ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jiyàn lé lórí ni ọmọ tí kò ṣe ìdánwò kan.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tó wà lórí ìlà 31. Ibà dè é mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò ìṣirò. Olùkọ́ rẹ̀ kọ “Kò ṣe é” sí òpó ìṣirò, ohun tó sì yẹ kó kọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé jáde, òdo ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tẹ òdo. Bí Word bá fẹ́ mú nǹkan láti inú Excel, ìlà mẹ́jọ àkọ́kọ́ nínú òpó kọ̀ọ̀kan ló máa ń wò láti pinnu bóyá nọ́ńbà ló wà níbẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀. Bí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá jẹ́ nọ́ńbà, ó ti gbà pé nọ́ńbà ni gbogbo òpó náà. Ọ̀rọ̀ tó bá pàdé nísàlẹ̀ kò ní ìtumọ̀ sí i mọ́, òdo ló sì sábà máa ń fi dípò rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi lè dára lójú ẹni tó yẹ ojú ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ wò.

Àwọn kan ní kò burú, pé ẹni tí kò wá, òdo ló gbà. Mi ò gbà. Òdo ń sọ fún bàbá ọmọ pé ọmọ rẹ̀ jókòó síwájú ìwé ìbéèrè, kò sì mọ nǹkan kan. Ó tún ń ba ìyókù jẹ́. Iṣẹ́ mẹ́jọ tí ọmọ yìí ṣe jẹ́ máàkì 592 lápapọ̀. Bí a bá pín in sí mẹ́jọ, 74 ni. Bí a bá ka òdo mọ́ ọn tí a pín in sí mẹ́sàn-án, kò pé 66. Ipò rẹ̀ ní kíláàsì á wálẹ̀ nítorí ibà.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mi ò jẹ́ kí Word fojú kan ojú ewé tí mo ń kó máàkì sí rárá. Mo máa ń pe ìyẹn ní `Maaki`, n ó wá ṣí òmíràn tí mo pè ní `Tite`. Ọ̀rọ̀ nìkan ló wà nínú `Tite`, kódà níbi tí nọ́ńbà ti hàn. Fọ́múlà yìí ni mo kọ sí ìlà kejì, tí mo sì fà á dé ìsàlẹ̀:

```
=IF(ISNUMBER(Maaki!D2),TEXT(Maaki!D2,"0"),"Kò ṣe é")
```

Ọmọ tó gba òdo lóòótọ́ á rí òdo rẹ̀, torí nọ́ńbà ni. Ẹni tí àyè rẹ̀ ṣófo tàbí tí ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ á rí “Kò ṣe é”. Níwọ̀n bí gbogbo òpó náà ti di ọ̀rọ̀ láti ìlà àkọ́kọ́, Word kò ní nǹkan tí yóò ṣì mú.

Fún ìpíndọ́gba iṣẹ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán:

```
=TEXT(AVERAGE(Maaki!D2:L2),"0.0")
```

`AVERAGE` kì í ka àyè tó ṣófo tàbí ọ̀rọ̀, nítorí náà mẹ́jọ ni yóò fi pín ti ọmọ wa. `TEXT` náà ni kì í jẹ́ kí 67.3 jáde bíi 67.333333333333329, èyí tí ẹ̀yin náà á ti rí rí.

`Tite` ni kí ẹ mú nígbà tí Word bá béèrè ojú ewé tí ẹ fẹ́. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun síta, ẹ lo `Finish & Merge`, kí ẹ sì mú `Edit Individual Documents`, kí gbogbo rẹ̀ kọ́kọ́ jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ojú ìwé kìíní. Ẹ wá “Kò ṣe é” pẹ̀lú `Ctrl+F`, kí ẹ ka iye tó jáde, kí ẹ sì fi wé orúkọ àwọn tí kò wá nínú rẹ́jísítà ọjọ́ ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá òdo, kí ẹ sì bi olùkọ́ kíláàsì nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan.