Orin Ni Wọ́n Rántí, Ẹ̀lùbọ́ Ńkọ́?

Ìwà kan ti gbilẹ̀ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń bá oníṣòwò ṣe fídíò ìpolówó, ó sì tó gẹ́ẹ́. Ẹnì kan á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ojoku. Á wá orin tó gbòde kan lórí TikTok lọ́sẹ̀ náà, á ní kí ìyá jó sí i, àpò ẹ̀lùbọ́ á wà lẹ́yìn wọn bí àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Tí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn bá wò ó, á fi iye yẹn han ìyá, á gba owó rẹ̀, á bá tiẹ̀ lọ. Ìyá á wá jókòó, á máa retí oníbàárà. Èmi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pe ìyẹn ju ẹ̀tàn lọ.

Ẹ ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ fídíò náà. Tó bá jẹ́ "Kí lorúkọ orin yìí?" ló pọ̀ jù níbẹ̀, olórin lẹ polówó fún, kò sì san kọ́bọ̀ fún yín. Tó bá jẹ́ "Èló ni kóńgò kan?" tàbí "Ṣé ẹ máa ń gbé e wá sí Ọ̀fà?", iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ńlá náà máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún Àjíǹde 2022, Sterling Bank gbé àwòrán búrẹ́dì Agége jáde, wọ́n fi wíwú búrẹ́dì wé àjíǹde Jésù. Ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni, CAN, fárí gá, báńkì náà sì tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni gbogbo èèyàn bá lọ. Ohun tó ń dùn mí ní tèmi ni pé ẹni tí kò bínú rárá pàápàá, búrẹ́dì ló rántí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó sọ ohun tí báńkì lè fi owó èèyàn ṣe. Ẹnì kan á ní ìkíni ọdún lásán ni. Ó dáa, kí ló wá dé tí wọ́n fi orúkọ iléeṣẹ́ sí i?

Àwọn ìyá wa tó ń kiri ọjà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn wọn dùn, ó sì ní ìlù nínú, ṣùgbọ́n orúkọ ọjà ni wọ́n ń fi kọrin.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ẹ̀lùbọ́. Ká ní fídíò ìṣẹ́jú àáyá 15 ni, ìlù orin náà sì yí ní ìṣẹ́jú àáyá kẹfà. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́, kí a ti rí ọwọ́ tó ń bu ẹ̀lùbọ́, kí a sì kà á lójú fídíò pé "Ẹ̀lùbọ́ iṣu, Ojoku". Lẹ́yìn náà kí omi máa hó. Ibi tí ìlù bá ti yí gan-an ni kí àmàlà ti jáde, kí ó máa dán, láìsí kókó kan. Ọjà ló gbọ́dọ̀ yí pa dà níbi tí orin ti yí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ojú ń retí. Ẹ dín ohùn orin kù kí ìyá lè sọ ohun kan ṣoṣo tó fi ju ẹlòmíì lọ: pé kò ní yanrìn. Tó bá sọ mẹ́ta, a ò ní rántí ọ̀kankan. Iye owó, ibi tó ń tà á àti nọ́ńbà fóònù ló kù fún ìparí.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ fi han ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, kí ẹ bi í pé kí ni wọ́n ń tà. Lẹ́yìn náà, ẹ fọkàn fi ọṣẹ rọ́pò ẹ̀lùbọ́. Tí kò bá sí ohun tó bàjẹ́ nínú fídíò náà, ẹ tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ orin tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣí àkáǹtì oníṣòwò lórí TikTok, inú Commercial Music Library ni yóò ti mú orin, èyí tó gbòde sì lè má sí níbẹ̀. Àwọn kan ń fi àkáǹtì ara wọn yẹ ìyẹn sílẹ̀. Ní 2022, ilé ẹjọ́ kan ní Florida dá Bang Energy, tó ń ta ohun mímu, lẹ́bi torí orin Universal tó fi sínú fídíò TikTok rẹ̀ láìgba àṣẹ. Nígbà tí Universal àti TikTok fúnra wọn jà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ohùn fò lọ nínú ọ̀pọ̀ fídíò, ó di oṣù karùn-ún kí wọ́n tó parí ìjà. Ìpolówó tó jẹ́ orin nìkan ti yadi nígbà yẹn. Nítorí náà, tí oníṣòwò bá ta kú pé àfi orin yẹn, ẹ kọ́kọ́ gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, níbi tó ti dárúkọ ọjà àti iye rẹ̀, kí ẹ tó fi orin kankan sí i.