Ẹ Ka Ìlà Kékeré Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nọ́ńbà: Bí A Ṣe Ń Yan Fíìmù fún Ọmọdé

Fíìmù méjì ni ilé iṣẹ́ Disney ti ṣe tó ń jẹ́ The Lion King. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1994, àwòrán tí a fọwọ́ yà ni. Èkejì jáde ní ọdún 2019, kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì fi ṣe é débi pé kìnnìún inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí kìnnìún gidi. Ìtàn kan náà ni méjèèjì ń sọ: Scar fi ẹ̀tàn pa Mufasa arákùnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọba, Simba ọmọ kékeré sì dúró ti òkú bàbá rẹ̀, ó ń jí i kó dìde. Síbẹ̀, ní Amẹ́ríkà, àmì G ni wọ́n fún ti ọdún 1994, èyí tó túmọ̀ sí pé tọmọdé tàgbà ló lè wò ó. Ti ọdún 2019 gba PG, èyí tó ń sọ fún òbí pé kó fojú sí i kí ọmọ tó wò ó. Ní ilẹ̀ Bìrìtéènì náà, U ni ti àkọ́kọ́, PG ni ti èkejì.

Òbí tó bá ń wo lẹ́tà nìkan lè rò pé ikú Mufasa kò sí nínú fíìmù àkọ́kọ́. Ó wà níbẹ̀ gbáà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló ti dunni jù, nítorí pé ojú Simba tí wọ́n fọwọ́ yà ń sunkún bí ojú ọmọ ènìyàn. Ti ọdún 2019 ní eyín, èékánná àti ìjà tó jọ òótọ́. Ọmọ tí ẹranko ń bà lẹ́rù yóò sá fún èyí. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun ni èkíní lè gbà lóorun. Lẹ́tà kan ṣoṣo kò lè sọ gbogbo ìyẹn fún wa, a kò sì dá a fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ènìyàn ló ń jókòó wo fíìmù kí wọ́n tó fi àmì lé e. Ní Amẹ́ríkà, òbí ni wọ́n ń yàn sí iṣẹ́ náà, ètò ọ̀hún sì ti wà láti ọdún 1968. Ní Bìrìtéènì, BBFC ló ń ṣe é. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1993 ló dá ìgbìmọ̀ NFVCB sílẹ̀. G, PG, 12, 15 àti 18 sì wà lára àwọn àmì tí wọ́n ń lò. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni bí ìwà ipá, ìdẹ́rùbani, èébú, ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ àti oògùn olóró ṣe wúwo tó nínú fíìmù. Wọn kì í wọn bóyá ìtàn náà dùn tàbí bóyá ó gbọ́n. Fíìmù tó gba U lè jẹ́ ìranù pátápátá, èyí tó gba 15 sì lè jẹ́ ojúlówó iṣẹ́.

Lẹ́tà tó ń da òbí láàmú jù ni PG, nítorí pé kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Àlàyé BBFC ni pé U yẹ ọmọ ọdún mẹ́rin sókè, nígbà tí fíìmù PG kò yẹ kó da ọkàn ọmọ tó tó ọdún mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rú. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá jẹ́ ọdún márùn-ún, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe irú rẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń fi PG síbẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kò gbọdọ̀ wò ó; ọwọ́ yín ni ìpinnu náà wà. 12A yàtọ̀ díẹ̀: ní ilé sinimá Bìrìtéènì, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá kò lè wò ó láìsí àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ti 15, kódà bí bàbá àti ìyá bá tẹ̀lé e, ẹnu ọ̀nà ni wọn yóò ti dá ọmọ ọdún mẹ́rìnlá padà.

Ẹ máa wo ọdún tí fíìmù jáde pẹ̀lú. Títí di ọdún 1984, kò sí àmì kankan láàárín PG àti R ní Amẹ́ríkà. Ọdún yẹn ni Indiana Jones and the Temple of Doom àti Gremlins jáde, PG sì ni àwọn méjèèjì gbà. Nínú ti àkọ́kọ́, ọkùnrin kan fi ọwọ́ lásán fa ọkàn ẹlòmíràn yọ láyà. Àwọn òbí figbe ta. Steven Spielberg, tó darí ọ̀kan tó sì lọ́wọ́ nínú èkejì, ló dábàá pé kí wọ́n fi àmì kan sí àárín, bí PG-13 ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. PG tó wà lára fíìmù ọdún 1982 kì í ṣe ẹgbẹ́ PG òde òní.

Ìlà kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ kà. Lẹ́tà ń sọ bí nǹkan náà ṣe wúwo tó. Ìlà yìí ń sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a mú Paddington, fíìmù ọdún 2014 nípa ọmọ béárì kan tó kúrò ní Peru wá sí Lọ́ńdọ̀nù. PG ni BBFC fún un, ohun mẹ́rin sì ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sí i: "dangerous behaviour, mild threat, mild sex references, mild bad language".

Gbólóhùn kẹta, tó ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, ló di ariwo nínú ìwé ìròyìn, BBFC sì padà yí i sí "mild innuendo", ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ méjì. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò ju pé bàbá inú ìtàn náà múra bí obìnrin agbálẹ̀, ọ̀gbẹ́ni aṣọ́nà kan sì ń dẹnu kọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà yóò fi aṣọ náà rẹ́rìn-ín, ìyókù yóò sì gba orí rẹ̀ kọjá. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni èmi ì bá dúró lé lórí. "Dangerous behaviour" túmọ̀ sí ìwà eléwu tí ọmọ lè fẹ́ fara wé. Paddington sá pamọ́ sínú fíríìjì fún ẹni tó ń lépa rẹ̀. Níbòmíràn, ó dúró lórí pátákó onítáyà, ó di bọ́ọ̀sì tó ń lọ mú. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó fẹ́ràn béárì yìí lè lọ wò ó bóyá òun náà lè wọ inú fíríìjì ilé. Òbí tó ka ìlà yẹn yóò ti mọ ọ̀rọ̀ tí yóò bá ọmọ sọ lálẹ́ ọjọ́ náà. "Mild threat" ní tirẹ̀ ni ti obìnrin kan tó fẹ́ pa Paddington, kó ki nǹkan sínú awọ rẹ̀, kó sì gbé e kalẹ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. "Mild" ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ sì ni lójú àgbà. Ọmọ kékeré lè má rí i bẹ́ẹ̀.

Gbólóhùn tó fara sin jù nínú gbogbo wọn ni "thematic elements", tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti máa lò. Ó wà lára ohun tí wọ́n kọ sí The Lion King ti ọdún 2019, pẹ̀lú ìwà ipá àti ewu. Kò sọ nǹkan kan ní tààrà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ikú òbí, àìsàn, ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ìyà ni wọ́n fi ń bò lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, tí ìdílé yín sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ẹnìkan, ẹ kọ́kọ́ ka ìtàn inú fíìmù náà dé òpin.

Ìlà yìí tún lè tú àmì tó le sílẹ̀. Nínú The King's Speech ti ọdún 2010, ọba tó ń kólòlò ni ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kó máa bú èébú kí ahọ́n rẹ̀ lè tú. Nítorí èébú yẹn, R ni Amẹ́ríkà fún un, èyí tó ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún wá pẹ̀lú òbí tàbí alágbàtọ́. Ní Bìrìtéènì, 15 ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Lẹ́yìn tí àwọn tó gbé e jáde pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó di 12A, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ni èébú náà ti wáyé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ń kólòlò lè rí ara rẹ̀ nínú fíìmù tí nọ́ńbà ì bá mú kí àwọn òbí rẹ̀ gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ohun tó ń ba ọmọ lẹ́rù ń yí padà bí ó ti ń dàgbà. Ọmọ tí kò tíì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń bẹ̀rù ohun tí ojú rẹ̀ rí: iwin, ojú burúkú, ènìyàn tó dédé yí padà di nǹkan mìíràn. Ẹ lè sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹwàá pé irọ́ ni, kò ní ràn án lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ti mọ̀ pé iwin kò sí nínú tẹlifíṣọ̀n. Ti ajínigbé àti olè tó fọ́lé ni kì í jẹ́ kó sùn, nítorí pé ìyẹn lè ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá ń ka ìlà kékeré náà, ọjọ́ orí ọmọ ni ẹ ó fi mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó dá yín dúró.

Lórí Netflix, nọ́ńbà àti ìlà rẹ̀ máa ń hàn ní igun òkè nígbà tí fíìmù bá bẹ̀rẹ̀, kó tó pòórá. Nínú ètò àkáǹtì, ẹ lè ṣí ojú ewé ọ̀tọ̀ fún ọmọ, kí ẹ yan nọ́ńbà tí kò gbọdọ̀ rékọjá, kí ẹ dí fíìmù kan pàtó, kí ẹ sì fi nọ́ńbà àṣírí ti ojú ewé tiyín. Láìsí ti ìkẹyìn yìí, gbogbo ìyókù kò wúlò, nítorí pé ọmọ yóò kàn tẹ orúkọ yín.

Ibi tó le ni fíìmù Yorùbá tí wọ́n gbé sórí YouTube. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi àmì kankan hàn lójú ewé. Ní ọdún 2024, NFVCB kéde ìlànà tó lòdì sí fífi òògùn owó àti ìpànìyàn fún ètùtù ṣe ohun iyì nínú fíìmù, ṣùgbọ́n ìlànà yẹn kò lẹ nọ́ńbà mọ́ fídíò tó wà lórí fóònù yín. YouTube lè fi ọjọ́ orí dí àwọn kan. Bí kò bá sì dí ọ̀kan, ìyẹn kò sọ ọ́ di ti ọmọdé. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó kọ ìlà kékeré náà. Kí ọmọ tó dé ìdí tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi ìka fa ilà tó wà nísàlẹ̀ fídíò lọ díẹ̀díẹ̀: àwòrán kéékèèké yóò máa yọ lókè rẹ̀, ẹ ó sì rí ojúbọ, ẹ̀jẹ̀, ìbọn tàbí yàrá tí iná rẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹ dúró lórí ìkọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ má fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ṣe ìdájọ́. Ìgbéyàwó àti àwàdà ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta tó kẹ́yìn ni ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ti máa ń dé. Bí ó bá jẹ́ apá kìn-ín-ní ni, ẹ wo apá kejì pẹ̀lú, nítorí pé ọmọ tó bá wo ọ̀kan yóò bèèrè èkejì.