Ẹ̀rọ Kò Pọ Owó: Ta Ni Kí Ó Gbọ́ Ẹjọ́?

Bí oníbàárà bá lọ gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ báńkì mìíràn, tí ₦20,000 kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀ tí owó kò sì jáde, ẹni tó gbé fóònù ni ìpele kìíní. Yóò gba ọjọ́, aago, iye owó àti ibi tí ẹ̀rọ wà. Kò gbọdọ̀ béèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì. Ìpele kejì ni àwọn tó ń bá báńkì kejì yẹ ìwé wò.

Ní 2020, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fún irú ẹjọ́ yìí ní wákàtí 48. Nítorí náà, kí ọ̀gá tí í ṣe ìpele kẹta ti gbọ́ ní wákàtí 36, kí àyè àtúnṣe lè ṣẹ́ kù. Káàdì tí wọ́n jí kò ní ìpele: ẹni tó gbé fóònù ni yóò tì í lójú ẹsẹ̀.

Èsì tó yẹ nìyí: “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. A ti gba ẹjọ́ yín; nọ́ńbà rẹ̀ ni ... Kó tó di aago ... ní ọjọ́ ..., a ó pè yín, yálà owó ti wọlé tàbí kò tíì wọlé.”

Èsì tó bá ní “a ń ṣe é lọ́wọ́” lásán kò dá ọjọ́. Oníbàárà yóò tún pè, ẹlòmíràn yóò sì ṣí ẹjọ́ tuntun. Ibi tí owó kan bá ti ní nọ́ńbà ẹjọ́ méjì, èsì àkọ́kọ́ ni kò pé.