Ẹ Má Fọwọ́ Sí Rìsíìtì Irọ́ fún Lándílọọ̀dù

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, inú lè bí yín sí mi, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, lándílọọ̀dù wa ní Ìrèé níbí pe gbogbo wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fúlàtì mẹ́fà ni Bàbá ní, ₦300,000 ni wọ́n sì ń gba lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Wọ́n gbé ìwé kan jáde. Ọ́fíìsì owó-orí ló kọ ọ́ pé àwọn gbọ́ pé Bàbá ń gba owó ilé, wọn kò sì fi tó àwọn létí rí. Wọ́n ti fojú díwọ̀n rẹ̀ sí ₦1,800,000 lọ́dún, wọ́n ní kí Bàbá wá san owó-orí rẹ̀.

Bàbá wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi fọwọ́ sí rìsíìtì tuntun pé ₦150,000 lẹ̀ ń san. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá fi ₦60,000 lé owó fúlàtì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò lè ní kí n san án látinú àpò ara mi."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn kan ti ń wá bírò. Wọ́n ní èèyàn dáadáa ni Bàbá, wọn kì í lé ẹni tí owó rẹ̀ pẹ́. Òótọ́ ni, èmi náà ti jẹ nínú oore yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ìwé náà dáadáa ká tó fi orúkọ wa tọrọ wàhálà.

Àkọ́kọ́, ìwé yẹn kì í ṣe ìdájọ́. Nígbà tí onílé kò bá sọ iye tó ń wọlé fún un, òfin gba ọ́fíìsì owó-orí láàyè láti fojú díwọ̀n. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kà: fúlàtì mẹ́fà lọ́nà ₦300,000. Wọn kò mọ̀ pé fúlàtì tó wà lẹ́yìn ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé atẹ́gùn ká òrùlé, Bàbá sì ná ₦220,000 lé e lórí, tàbí pé ẹ̀rọ kànga bàjẹ́, tí àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ ₦80,000. Owó àtúnṣe bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí òfin gbà kí onílé yọ kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó-orí. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún ẹni tó gba irú ìwé yìí láti kọ̀wé padà pé òun kò gbà, kó sọ iye tí òun gbà pé ó tọ̀nà, kó sì fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá láìfèsì, ìfojú-díwọ̀n yẹn di gbèsè tó ti fìdí múlẹ̀. Bàbá ti fi ọjọ́ mọ́kànlá ṣe ìbínú nínú ọgbọ̀n náà.

Ẹ jẹ́ ká bá wọn ṣírò rẹ̀. Màá lo òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 Oṣù Kìíní 2026, torí òun ni Bàbá yóò máa bá pàdé láti ìsinsìnyí lọ. Bó bá jẹ́ owó ọdún tó ṣáájú ìyẹn ni wọ́n ń bèèrè, òfin ọdún náà ni wọn yóò lò, iye rẹ̀ yóò sì yàtọ̀. Fúlàtì márùn-ún tó ní èèyàn mú ₦1,500,000 wọlé. Yọ ₦300,000 tí wọ́n fi ṣe àtúnṣe, ó ku ₦1,200,000. Ká ní kò sí owó mìíràn tó ń wọlé fún wọn, wọn kò ní san kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Orí ₦400,000 tó kù ni wọn yóò ti san náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn jẹ́ ₦60,000. Bí wọ́n bá dákẹ́, tí ìfojú-díwọ̀n ₦1,800,000 bá dúró, ₦150,000 ni.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó dùn jù. Ẹ rántí fúlàtì iwájú, tí ilé iṣẹ́ kan gbà fún òṣìṣẹ́ wọn? Bàbá ti ń bú ilé iṣẹ́ yẹn tipẹ́ pé ₦270,000 ni wọ́n ń san dípò ₦300,000, pé olè ni wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò jalè. Bí ilé iṣẹ́ bá ń san owó ilé, òfin ní kó yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá, kó sì san án fún ìjọba lórúkọ onílé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni orúkọ Bàbá ti dé ọ́fíìsì owó-orí. Ṣùgbọ́n owó yẹn kò sọnù: apá kan owó-orí Bàbá tí wọ́n ti bá wọn san ṣáájú ni. Kí Bàbá gba ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, kí wọ́n so ó mọ́ lẹ́tà wọn. Nínú ₦60,000, ₦30,000 ti wọlé. Ó ku ₦30,000 péré.

Nítorí ₦30,000 ni Bàbá ṣe fẹ́ fi ₦60,000 lé fúlàtì márùn-ún! ₦300,000 nìyẹn. Wọn yóò san ₦45,000 owó-orí lórí àfikún yẹn, ₦255,000 yóò sì kù sápò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ìyẹn ní owó-orí. Rẹ́ńtì tí wọ́n gbé sókè ni, wọ́n kàn fi ìwé ìjọba bò ó lójú.

Ẹ padà wá síbi rìsíìtì irọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fi báńkì san owó ilé. Iye tó tọ́ wà nínú àkáǹtì tiwa, ó wà nínú ti Bàbá. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi ìwé méjèèjì síra wọn, irọ́ náà ti tú, orúkọ tiwa ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òfin ka irọ́ pípa fún ọ́fíìsì owó-orí sí ẹ̀ṣẹ̀, kò sì yọ ẹni tó ran òpùrọ́ lọ́wọ́ sílẹ̀. Bí ìjà bá sì dé láàárín àwa àti Bàbá, tí wọ́n ní ká kó jáde, kí la fẹ́ fi gba owó wa padà? Ìwé tó ní ₦150,000 la san?

Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. "Kí ni ìjọba ṣe? Bàbá ló gbẹ́ kànga, kò sí iná, ọ̀nà kò dáa." Òótọ́ ni, èmi náà ń rìn lójú ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n ìyá mi ń kọ́ni ní ilé ìwé. Wọ́n ń yọ owó-orí wọn kí owó oṣù tó dé ọwọ́ wọn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń rìn. Ta ló bá ìyá mi kọ rìsíìtì irọ́? Ẹni tó bá fẹ́ bá ìjọba jà, kó jà ní gbangba. Kó má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ẹlẹ́rìí èké.

Ohun tí mo ní ká ṣe kò le. Kí fúlàtì kọ̀ọ̀kan kọ iye tó san gan-an, kó fọwọ́ sí i, ká jọ jẹ́rìí sí fúlàtì tó ṣófo. Ká bá Bàbá wá káfíńtà tó kan òrùlé, kó kọ iye tó gbà, torí wọn kò gba ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ yìí ló lè gba Bàbá là. Bí wọ́n bá kọ ₦150,000 sílẹ̀, wọn kò ní lè fi ìwé wa gbèjà ara wọn mọ́, torí ₦30,000 tí ilé iṣẹ́ yẹn san ti sọ pé ₦300,000 ni fúlàtì kan.

Mo ti kọ tèmi: fúlàtì kejì, ₦300,000. Mo fi lé Bàbá lọ́wọ́ lórí ìkúnlẹ̀. Wọn kò tíì dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n wọn kò ya á. Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún.